ECG tó dára lọ́sàn-án kò pa ìkìlọ̀ òru rẹ́

“Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹni ọdún 52 ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Lóru ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago ọwọ́ mi kọ ọ́ sójú pé ọkàn mi ń lù ségesège, ó ní ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn tí wọ́n ń pè ní AFib. Mo lọ rí dókítà lọ́jọ́rú, wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, fún mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Ṣé kí n gbàgbé ìkìlọ̀ náà?”

Àbúrò mi, ẹ má gbàgbé ẹ̀ o. Ẹni ọdún 67 ni mí, ìlú Mansẹ́sítà ni mo wà. Ohun tí ẹ kọ yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún méjì sẹ́yìn. Èmi gbàgbé ẹ̀ ní tèmi, mo sì jìyà ẹ̀.

Ọkàn ní yàrá méjì lókè, ó ní méjì nísàlẹ̀. Tí AFib bá dé, àwọn yàrá òkè á máa gbọ̀n rìrì dípò kí wọ́n fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa dúró ní kọ̀rọ̀ kan nínú yàrá òkè apá òsì, ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró lójú kan sì lè dì. Bí ìdì ẹ̀jẹ̀ yẹn bá já, tó bá gba ọpọlọ lọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni pé, ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń wá, á tún lọ. Ó lè ṣe wákàtí mẹ́ta lóru, kó sì ti pòórá kí ilẹ̀ tó mọ́. ECG tí wọ́n ṣe fún yín, tí wọ́n fi wáyà sí àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló gbà sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ọkàn yín ń lù bó ṣe yẹ lọ́jọ́rú yẹn. Kò lè jẹ́rìí sí òru Àbámẹ́ta.

Aago náà ńkọ́? Iná aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ ẹ̀ ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn lábẹ́ awọ ọrùn ọwọ́ nígbà tí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ tàbí tí ẹ bá sùn, ó sì ń wọn àlàfo tó wà láàárín ìlù ọkàn kan àti èkejì. Apple ni èmi ń lò, kì í sì í kìlọ̀ lórí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ rí ségesège nínú àyẹ̀wò márùn-ún, láàárín ìṣẹ́jú 65 ó kéré tán, kó tó kọ̀wé sí yín. Síbẹ̀ ó lè ṣìnà. Ọkàn ẹlòmíràn máa ń fo ìlù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí kì í sábà léwu, ó sì lè dà bí AFib lójú aago.

Ní 2019, àwọn dókítà yunifásítì Stanford gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí 419,297 èèyàn tó ń lo aago yìí. 2,161 péré ni aago kìlọ̀ fún. Wọ́n fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ránṣẹ́ sí wọn. Nínú àwọn 450 tó lò ó tí wọ́n sì dá a padà, AFib hàn lára 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè ní ó kéré, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá lẹ́yìn ìkìlọ̀ kí ẹ̀rọ náà tó dé àyà wọn. Àwọn tí aago kìlọ̀ fún nígbà tí ẹ̀rọ wà láyà wọn lọ́wọ́, 84 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ náà gbè aago lẹ́sẹ̀. Ẹ rí i pé àsìkò tí èèyàn wò ó gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ní tèmi, lẹ́yìn ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ṣe ECG, ó dára, wọ́n ní kí n máa lọ. Inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, aago tún kìlọ̀ láago mẹ́rin ìdájí. Mo wò ó, mo yíjú sí ògiri, mo sùn padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ń mu tíì láàárọ̀, ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo fẹ́ pe ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ìdì ẹ̀jẹ̀ kékeré ni. Wọ́n lẹ ẹ̀rọ mọ́ mi láyà fún ọjọ́ 14, AFib sì hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òru ni gbogbo ẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí títí dòní nìyí. Àwọn dókítà máa ń ka máàkì ewu rọpárọsẹ̀ kí wọ́n tó pinnu lórí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọjọ́ orí mi, láti 65 sí 74, máàkì kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, máàkì kan. Méjì yẹn ti tó kí wọ́n fún mi lóògùn, ká ní mo mú ẹ̀rí AFib wá. Ohun tó ṣe mí láàárọ̀ yẹn fi méjì lé e, ló bá di mẹ́rin.

Nítorí náà, bí aago bá tún kìlọ̀, ẹ dìde jókòó lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Bí tiyín náà bá jẹ́ Apple tó ní ECG, ẹ ṣí ECG lórí aago, ẹ gbé ọwọ́ lé tábìlì, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì kan bọ́tìnnì tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ má mira, ẹ má sọ̀rọ̀. Ó lè kọ `Atrial Fibrillation`, AFib nìyẹn, ó lè kọ `Sinus Rhythm`, ìyẹn ni pé ọkàn ń lù bó ṣe yẹ. Bó bá kọ `Inconclusive`, ẹ má pa á rẹ́, nítorí pé dókítà lè ka ìlà náà fúnra ẹ̀ kó sì rí ohun tí aago kò dá mọ̀. Lórí fóònù, ẹ wọ `Health`, ẹ lọ sí `Heart`, ẹ wá ECG yẹn, ẹ tẹ `Export PDF`, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà.

Ẹ má sì dúró de ìkìlọ̀ kejì kí ẹ tó padà lọ. Ẹ mú ọjọ́ àti àkókò ìkìlọ̀ Àbámẹ́ta dání, kí ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ máyà fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ fẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti táíróòdù, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn, wò, torí pé táíróòdù tó ń ṣiṣẹ́ jù máa ń fa AFib. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn fúnra ẹ̀ ṣe rí.

Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín, tí èémí kò délẹ̀, tí òòyì kọ́ yín débi pé ẹ fẹ́ ṣubú, tàbí tí ẹnu wọ́, tí ọwọ́ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ lọ́ pọ̀, ẹ pe 999, ẹ má wo aago rárá. Aago yìí kò lè mọ̀ bí iṣan ọkàn bá dí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa lo asipirín nígbà yẹn, mo sì lò ó fún oṣù kan. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò gbà èèyàn lọ́wọ́ ìdì ẹ̀jẹ̀ AFib, ó sì lè mú kí ikùn máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà yín nímọ̀ràn yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.