Owó-orí kò pé nítorí iṣẹ́ méjì

“Ibi iṣẹ́ méjèèjì ló ń yọ owó-orí mi. Báwo ni mo ṣe tún jẹ gbèsè?”

Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dunni lóòótọ́. Owó tí wọn kì í gba owó-orí lé lórí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tọ́ sí ẹnì kan. Àwọn méjèèjì ló yọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ká ní ó jẹ́ 1,000 lóṣù, tí owó-orí sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100. Ẹni tó ń san 2,000 yọ 200, ẹni tó ń san 1,500 yọ 100. Àmọ́ 3,500 lẹ gbà lápapọ̀. 1,000 kúrò, ó ku 2,500, owó-orí rẹ̀ sì jẹ́ 500. Igba ló ń dín lóṣooṣù.

Ẹ ní kí iṣẹ́ kejì má ṣe yọ 1,000 yẹn sílẹ̀ fún yín mọ́ láti oṣù yìí gan-an, kí gbèsè má baà ga sí i, kí ẹ sì bẹ ọ́fíìsì owó-orí pé ẹ fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀.