Ọbẹ̀ ata ni kí ẹ sè sílẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa jẹ ẹ́ ni kí ẹ se ìrẹsì

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa se oúnjẹ ọ̀sán ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ Àìkú, kí ó tó mi dé ọjọ́ Ẹtì. Fíríìjì kékeré ni mo ní, kò ní fírísà. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní bàjẹ́?"

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ojú mi tó là. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kún ìkòkò ńlá, mo dé e, mo sì fi í sílẹ̀ lórí sítóòfù di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé a kì í gbé ohun gbígbóná sínú fíríìjì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo bù nínú rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, mo sì gbé e gbóná títí èéfín fi ń rú lára rẹ̀. Kò kan, kò yọ̀, ó tilẹ̀ dùn. Aago mẹ́ta kò tíì lù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí bì.

Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Basílọ́ọ̀sì sérọ́ọ̀sì sábà máa ń wà lára ìrẹsì tí a kò tíì sè, èso rẹ̀ kì í sì í kú nínú omi híhó. Bí ìrẹsì jíjinná bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, èso yìí yóò hù, yóò sì tú májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé ọ̀hún ni kì í gbọ́ ti iná: bó ti wù kí ẹ gbé ìrẹsì náà gbóná tó, ó ti wà níbẹ̀ ná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń se ìrẹsì mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa jẹ ẹ́. Ife kan kì í gbà ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, mo sì lè wẹ̀ kí ó tó jinná.

Ata ni iṣẹ́ ńlá tó yẹ kí a ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo máa ń lọ tàtàṣé, tòmátì, rodo àti àlùbọ́sà pọ̀, màá kọ́kọ́ sè é láìfi òróró sí i kí omi rẹ̀ lè gbẹ, lẹ́yìn náà ni màá dín in. Ẹ fi etí sí ìkòkò náà: nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ó máa ń hó kùtùkùtù, bí omi bá ti tán, ariwo náà á yí padà di ṣììì bíi ti àkàrà. Bí ẹ bá sì fi ṣíbí fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìlà náà kò ní tètè pa dé, òróró yóò sì yọ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn kan gbà pé òróró tó bo ojú ọbẹ̀ tó láti pa á mọ́ níta láìsí fíríìjì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò kan wà tí ibi tí atẹ́gùn kò dé gan-an ló wù wọ́n.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkòkò ńlá tutù fúnra rẹ̀, àárín rẹ̀ lè wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ di òru. Ẹ pín ọbẹ̀ náà sínú abọ́ pẹlẹbẹ mẹ́rin, ẹ gbé wọn sínú omi tútù nínú báfù, kí ẹ sì pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí wákàtí méjì tó pé, kí gbogbo rẹ̀ ti wọ fíríìjì. Abọ́ kan fún ọjọ́ kan ni, kí ẹ má baà máa ṣí gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo máa ń fún un, ìyẹn títí dé Ọjọ́bọ̀. Ẹran ni mo máa ń jẹ ní Ajé àti Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà ó di ẹyin tí mo sè láàárọ̀.

Gbogbo èyí dá lórí iná o. Bí iná bá lọ tí ẹ kò sì ṣí fíríìjì, ó lè mú òtútù dúró fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lóòrèkóòrè, ẹ pín sísè náà sí ọjọ́ Àìkú àti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ sì se ìwọ̀nba ọjọ́ méjì-méjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni inú báàgì. Aago márùn-ún àbọ̀ ni mo máa ń jáde, aago kan ọ̀sán ni mo sì ń jẹun. Mo fi omi híhó dán kúlà oníke mi wò, mo fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n ní aago kan, ó ti wálẹ̀ sí 47 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí oúnjẹ gbígbóná wálẹ̀ ju 60 lọ. Fílásìkì onírin ẹlẹ́nu gbòòrò ni mo wá rà. Mo máa ń da omi híhó sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó dà á nù, lẹ́yìn náà ni màá da ọbẹ̀ tó ń hó àti ìrẹsì gbígbóná sí i kún dé ẹnu, nítorí bó bá ṣófo dé ìdajì, kì í pẹ́ tutù.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi sílẹ̀ fún gààrì àti ẹ̀pà, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi láti ọjọ́ Ajé.