Ìdí tí ihò ewé fi pa dé nígbà tí oòrùn ń ràn

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mo já ewé gòdògbò inú ìkòkò ní aago 1 ọ̀sán, mo bó awọ abẹ́ rẹ̀, mo wò ó nínú máíkírósíkóòpù. Gbogbo ihò rẹ̀ ló pa dé. Ṣé kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣí wọn ni?”

Àbúrò, irú rẹ̀ jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo pààrọ̀ máíkírósíkóòpù, mo bó ewé títí èékánná mi fi dun mí. Ọjọ́ tí mo ṣèèṣì gbé ìkòkò náà láti gbálẹ̀ ni mo rí i pé ó fúyẹ́ bí igbá òfìfo. Òǹgbẹ ló ń gbẹ gòdògbò mi, mi ò sì mọ̀, torí ewé rẹ̀ kò tíì rọ rárá.

Wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì aṣọ́nà méjì ló wà lẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n dojú kọra bí hóró ẹ̀wà. Okùn tín-ín-rín yí ara wọn ká bí ìgbànú, ògiri tó kọjú sí ihò sì nípọn ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí omi bá kún inú wọn, wọn kò lè sanra, gígùn ni wọ́n á máa gùn, wọ́n á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, àárín á sì là. Bí omi bá jáde, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra. Kò sí iṣan tó ń fà wọ́n. Omi nìkan ni, omi a sì máa tẹ̀lé iyọ̀.

Iyọ̀ yìí ni ìmọ́lẹ̀ ń kó wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù bá bà wọ́n, ẹ̀rọ kékeré kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ti áyọ́ọ̀nù háídírójìn síta. Iná inú sẹ́ẹ̀lì á wá dín sí òdì, pọtásíọ̀mù á sì rọ́ wọlé láti ìta, omi á tẹ̀lé e. Kábọ́nì dayọ́ksáìdì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: èyí tó wà nínú ewé ni sẹ́ẹ̀lì yìí ń wọ̀n. Bí ewé bá ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ó ń jẹ gáàsì náà tán, ihò á ṣí kí òmíràn lè wọlé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ewé kò sè mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí, gáàsì á kún inú rẹ̀, ihò á pa dé. Ohun tó mú mi gba èyí gbọ́ ni àbámọdá: òru ló ń kó kábọ́nì dayọ́ksáìdì tirẹ̀ pamọ́ bí ásíìdì, òru náà sì ni ihò rẹ̀ ń ṣí.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ wá dé. Bí omi bá wọ́n, ásíìdì àbísísíìkì, ìyẹn họ́mónù tí ewéko fi ń kéde òǹgbẹ, á pọ̀ nínú ewé. Ó máa ń dá ẹ̀rọ tí mo sọ yẹn dúró, ó sì ń ṣí ọ̀nà kan tí kílóráìdì àti máléètì ń gbà sá jáde. Pọtásíọ̀mù á tẹ̀lé wọn, omi á tẹ̀lé pọtásíọ̀mù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ihò ti ń dín. Oòrùn lè máa jó o lórí, àṣẹ òǹgbẹ ló borí.

Bóyá sẹ́ẹ̀lì rẹ ti kú tàbí òǹgbẹ lásán ni, báyìí ni o ṣe máa mọ̀. Wọn pọtásíọ̀mù kílóráìdì gírámù 3.7 sínú omi lítà kan, fi bọ́fà mú pH rẹ̀ sí bíi 6. Jẹ́ kí awọ tí o bó léfòó lórí rẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Tèmi là títí ó fi kọjá máíkíròmítà 8, bẹ́ẹ̀ awọ ìkòkò gbígbẹ kan náà ni. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ará yàrá wá wò ó. Bí tìrẹ náà bá là, sẹ́ẹ̀lì rẹ yè.

Lẹ́yìn náà, bomi rin ìkòkò dáadáa lálẹ́, kí o sì já ewé láàárọ̀, ní bí aago 9. Má retí pé yóò ṣí lọ́jọ́ kan náà tó mu omi, torí ásíìdì náà kì í tètè tán lára ewé. Ọjọ́ kejì ni tèmi tó ṣí. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni o ń ṣe é, gbé ìkòkò kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ń fẹ́ lù ú, nítorí ihò lè pa dé bí ilẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ tutù.