Àpò mélòó la tà? Bí mo ṣe ń kọ àlàyé sórí àtẹ owó

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi gbé súláìdì ọgbọ̀n ojú ìwé lé mi lọ́wọ́, àtẹ owó ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí n fi ojú ìwé méjì péré ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn dáírẹ́kítọ̀. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, 'eléyìí lọ sókè, ìyẹn lọ sílẹ̀' náà ló ń jẹ́. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?"

Àbúrò, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìẹ ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó ńlá ló sì bá a lọ. Èmi ni mò ń ṣe ìṣirò owó wọn. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n ní kí n kọ àlàyé ọdún tó kọjá. Àtẹ tó wà lójú ìwé kejì sọ pé owó ọjà tí a tà ní 2023 jẹ́ bílíọ̀nù 2 náírà, ti 2024 sì jẹ́ bílíọ̀nù 3.08. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀, mo sì fi gbólóhùn yìí bẹ̀rẹ̀: "Ọjà wa gbèrú ní ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún." Nọ́ńbà náà kò jìnnà sí òtítọ́ rárá, òun gan-an ló wà nínú ìwé. Àwọn dáírẹ́kítọ̀ kà á, inú wọn dùn, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí a ra ẹ̀rọ ìpo-oúnjẹ kejì, nítorí ọjà tó gbèrú tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan kò lè gbé e. Ẹ̀rọ dé ní oṣù karùn-ún. A kò rí iṣẹ́ fún un. Ti àkọ́kọ́ gan-an, ó máa ń ti dákẹ́ kí aago méjì ọ̀sán tó lù.

Ojú ìwé kọkàndínlógún nínú súláìdì yẹn kan náà ni wọ́n kọ iye àpò tí a tà sí. Àpò 250,000 ní 2023, àpò 220,000 ní 2024. Mo ti rí i. Mo rò pé ti àwọn ará ilé ìkẹ́rùsí ni, kò kan owó.

Ohun tí mo máa ń ṣe kí n tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo báyìí ni pé mo ń ya iye ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára iye owó tí a tà á. Ní 2023, àpò kan jẹ́ ₦8,000. Ní 2024, ó di ₦14,000, nítorí àgbàdo àti sóyà ti wọ́n látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí Báńkì Àpapọ̀ sì tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Bí iye àpò bá wà ní ìlà 5, tí owó àpò kọ̀ọ̀kan wà ní ìlà 6, tí 2023 wà ní òpó B, tí 2024 sì wà ní òpó C, ohun tí mo ń tẹ̀ sínú Excel nìyí:

```
=(C5-B5)*B6
=(C6-B6)*C5
```

Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí iye àpò ṣe sí owó wa bí owó àpò kò bá yí padà: a pàdánù mílíọ̀nù 240 náírà nítorí àpò 30,000 tí a kò tà mọ́. Ìkejì ń sọ ohun tí owó tí a fi kún àpò ṣe: ó mú bílíọ̀nù 1.32 wọlé. Yọ ìyẹn kúrò nínú èyí, mílíọ̀nù 1,080 ló kù, ìyẹn gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọdún méjèèjì nínú àtẹ. Bí wọn kò bá bára mu lọ́nà yìí, dúró, má kọ̀wé sí i. Nínú àtẹ kan ni àṣìṣe wà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ka àpò kílò 50 mọ́ ti kílò 25, tàbí wọ́n ka ọjà tí oníbàárà dá padà mọ́ èyí tí a tà.

O rí i nígbà náà pé ìtàn ọdún yẹn yí padà pátápátá. Ilé-iṣẹ́ tó gbèrú kọ́ la jẹ́. Oníbàárà wa ń dín kù, owó ọjà tó ń fò sókè ló bo ojú rẹ̀. "Lọ sókè, lọ sílẹ̀" tó ń sú ọ yẹn, ibi tó ti ń wá nìyẹn: ò ń ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, o kò tíì mú un pàdé èyí tó ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ohun kejì ni ọdún tí a fi ń díwọ̀n. Nínú súláìdì wa, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2024 dán bíi góòlù: àpò 52,000 la tà, ó kọjá 40,000 ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyẹn, níye àpò gan-an o, kì í ṣe owó. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n kọ ọ́ sí òkè pátápátá. Ṣùgbọ́n rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà nìyẹn, tí àwọn ènìyàn ń sun ẹnu ọ̀nà báńkì, tí ọlọ́sìn adìẹ kò rí owó gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ẹyin. Ta ni ìbá ra oúnjẹ adìẹ? Mo wá lọ gbé ti 2022 jáde. Àpò 62,000 la tà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún yẹn. A ṣì fi àpò 10,000 rẹlẹ̀ sí i. Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí nìyí: bí nọ́ńbà kan bá fò sókè jù, mo ń wo ọdún méjì sẹ́yìn, mo sì ń bi ara mi léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èyí tí mo fi ń díwọ̀n.

Wàyí o, ìdí. Àtẹ kì í sọ ìdí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń parọ́ láìmọ̀. Èmi náà kọ ọ́ nígbà kan pé ọjà dín kù "nítorí àwọn tí a jọ ń ta ọjà". Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn, mo pe oníbàárà mọ́kànlá, mo sì lọ bá ìyá kan nínú oko rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Adìẹ 2,000 ló ń sìn tẹ́lẹ̀, ó ti dín wọn sí 1,200. Ó mú mi wọ ilé adìẹ kejì. Òfìfo ni, àpò àgbàdo ló kó kún un, pẹ̀lú ọkọ́ àti ike ńlá tó fi ń po oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ti yín dára, ṣùgbọ́n ẹyin kò gbé e mọ́." Méje nínú àwọn mọ́kànlá sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Nínú àlàyé mi, mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: oníbàárà mọ́kànlá la bá sọ̀rọ̀, méje ló sọ pé àwọn ti dín adìẹ kù tàbí pé àwọn ń po oúnjẹ fúnra àwọn. Ẹni tó bá kà á mọ bí ìdí náà ti lágbára tó. Bí o kò bá rí ẹni bi, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o má fi "nítorí" sí i.

Èrè ni mo máa ń gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn èyí, àtẹ tiwa sì tún lè tan ènìyàn níbẹ̀. Èrè orí ọjà kúrò ní mílíọ̀nù 360, ó di mílíọ̀nù 431. Ó pọ̀ sí i, àbí? Ṣùgbọ́n nínú náírà kan tó wọlé ní 2023, kọ́bọ̀ 18 ló kù lẹ́yìn tí a ti san owó àgbàdo, sóyà àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 2024, kọ́bọ̀ 14 ni. Mo fẹ́ràn láti máa kọ ọ́ ní kọ́bọ̀ fún ìdí kan: bí o bá kọ pé ó "dín ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún", ẹlòmíràn á rò pé láti 18 sí nǹkan bíi 17 ni. Kọ́bọ̀ kò ní ìtumọ̀ méjì.

Èrè yẹn pàápàá, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì dé àpò wa. Owó àwìn tó wà níta jẹ́ mílíọ̀nù 160 ní ìparí 2023, ó di mílíọ̀nù 420 ní ìparí 2024. Pín in sí owó ọjà, kí o fi 365 sọ ọ́ di púpọ̀: ọjọ́ 29 ni oníbàárà fi ń san gbèsè tẹ́lẹ̀, ó ti di ọjọ́ 50. Ìyẹn tún sọ nǹkan fún ọ nípa àpò 220,000 yẹn, pé àwìn la fi tà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ dọ́là, mo ní láti fọwọ́ bà á díẹ̀. A jẹ gbèsè dọ́là 150,000 lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Dọ́là kan jẹ́ bíi ₦900 ní ìparí 2023, ó lé ní ₦1,500 ní ìparí 2024, nítorí náà gbèsè yẹn fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 90 náírà wúwo sí i láìjẹ́ pé a yá kọ́bọ̀ kan kún un. Inú èrè ni wọ́n ti yọ ọ́. Fi hàn lọ́tọ̀, èrè kí a tó yọ ọ́ àti èrè lẹ́yìn tí a yọ ọ́, kí o sì sọ pé a kò tíì san án, pé iye rẹ̀ lè yí padà kí ọjọ́ sísan tó pé.

Ibi tí o máa kọ ìkìlọ̀ sí ló kù. Lákòókò yẹn, gbogbo "ṣùgbọ́n" tí mo ní ni mo kó sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn, ní lẹ́tà kéékèèké. Kò sẹ́ni tó débẹ̀. Báyìí, gbólóhùn kan náà ni nọ́ńbà àti ìkìlọ̀ rẹ̀ jọ ń gbé. Nígbà tí mo tún àlàyé 2024 yẹn kọ ní oṣù keje, bí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyí:

"Owó ọjà wa fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ṣùgbọ́n owó àpò tó kúrò ní ₦8,000 sí ₦14,000 ló fà á, iye àpò tí a tà fi ìdá 12 dín kù. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni àpò ti pọ̀ ju ti 2023 lọ, ìgbà tí owó náírà wọ́n lọ́wọ́ ènìyàn ni a sì fi díwọ̀n rẹ̀. Nínú náírà kọ̀ọ̀kan, kọ́bọ̀ 14 ló kù fún wa dípò 18, oníbàárà sì ń fi ọjọ́ 50 san gbèsè dípò 29. Àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò kò tíì parí iṣẹ́ lórí àwọn nọ́ńbà yìí. Owó àwìn ló ṣeé ṣe kó yí padà jù nínú wọn."

Alága pè mí lálẹ́ ọjọ́ tó kà á. Kò bi mí léèrè nípa ìdá 54. Ó ní, "Àwọn wo ló jẹ wá ní mílíọ̀nù 420?" Mo ṣí ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn fún un.