Aago ìyára ọkọ̀ àti ọ̀nà tí ó rìn

Báwo ni mo ṣe lè fi ọkọ̀ ṣàlàyé fún ọmọ girama l'Ábújá pé íńtígíréṣọ̀n ń tú dífẹrẹ́nṣiéṣọ̀n?

Ẹ mú ọkọ̀ tí ó gbéra ní Súbà lọ sí Kàdúná, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ v = 2t mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín àkókò bíńtín, ìyára kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nítorí náà ọ̀nà tí ó rìn jẹ́ ìyára tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú àkókò náà; bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, èyí tí í ṣe íńtígíréṣọ̀n, a ó rí s = t², tí í ṣe mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bí àròpọ̀ yìí ṣe ń yára pọ̀ sí i gan-an ni aago ń fi hàn, ìdí nìyẹn tí dífẹrẹ́nṣiéṣọ̀n fi dá 2t padà. Àmọ́ aago ìyára kò mọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn kí ó tó gbéra. Òun ni C tí a máa ń fi kún ìdáhùn íńtígíréṣọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ máa ń gbàgbé.