Báwo la ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Mo ń ta mílíìkì, ṣúgà àti búrẹ́dì ní Kámúpù, ní Abẹ́òkúta níbí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì tó wà ní Alábàtà pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi. Nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, mo kí ọ̀gá kan pé “Ẹ kú ìsinmi o, sà,” ni wọ́n bá fajú ro. Láti ìgbà náà, “ẹ káàárọ̀” nìkan ni mo ń sọ, màá sì dákẹ́. Kí ló yẹ kí n máa sọ?*

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹni tó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, tí owó oṣù rẹ̀ ṣì ń wọlé, là ń kí kú ìsinmi. Ẹ rántí ti 2022. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì yẹn, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó, owó oṣù sì dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń ronú owó ilé-ìwé ọmọ tiẹ̀, tí ẹ wá kí kú ìsinmi, á rò pé ẹ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àmọ́ “ẹ káàárọ̀” nìkan náà kò tó. Ọ̀gá yẹn mọ̀ pé gbogbo Kámúpù ló ti gbọ́. Bí ẹ bá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, á dà bíi pé ọ̀rọ̀ wọn kò kàn yín.

Ohun tí a ń sọ ni “Ẹ kú ìfaradà” tàbí “Ẹ kú àmúmọ́ra.” Kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ ìyanṣẹ́lódì rárá. Ìrọ́jú tí ẹni náà ń rọ́jú lẹ ń kí i fún, yálà ẹ fara mọ́ ìdí tí wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀ tàbí ẹ kò fara mọ́ ọn. Ẹ sọ ọ́ lẹ́yìn “ẹ káàárọ̀” gan-an, kí ọ̀rọ̀ ọjà tó wọlé:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ìfaradà o. Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“A dúpẹ́, ìyá oníbúrẹ́dì. À ń bá a yí.”

“Ọlọ́run á bá wa dá sí i.”

“Àmín o. Ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan.”

Ẹ wo “bá wa” yẹn dáadáa. Bí ẹ bá ní “Ọlọ́run á bá yín dá sí i,” ẹ ti yọ ara yín kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí olùkọ́ kò bá gbowó, ìwé àwìn tiyín náà ló ń kún.

Lẹ́yìn àdúrà, ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti sanwó, pàápàá lójú oníbàárà mìíràn. Bó bá wù wọ́n láti sọ ọ́, wọ́n á fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún yín, kí ẹ sì gbọ́. Bó bá jẹ́ “ẹ ṣé” lásán ni wọ́n sọ, tí wọ́n nawọ́ sí búrẹ́dì, ẹ tà á fún wọn.

Ohun tó sì burú jù ni “Ẹ kú ìfaradà o, sà. Owó ọjọ́sí ńkọ́?” Ìkíni ti di ẹ̀tàn nìyẹn, wọ́n á sì máa gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó yín o, àmọ́ ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ní kọ̀rọ̀.

Bí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀ padà, ẹ pa ìfaradà tì. “Ẹ kú àtijọ́ o, sà. Ẹ kú iṣẹ́” ti tó. Ẹ má yára kí wọn kú oríire, torí pé iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ kí owó má tíì wọlé.

Irú ìṣọ́ra kan náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ òjò. “Ẹ kú òjò” wà fún gbogbo ẹni tí òjò ká mọ́, kódà àjèjì tí ẹ jọ fara pamọ́ sábẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n bí Odò Ògùn bá kún ní Láfẹ́nwá, tí omi wọ ilé oníbàárà yín, “ẹ kú òjò” ti kéré jù. Ẹ ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ewu. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò.” Ẹni tó bọ́ nínú ewu là ń kí kú ewu o. Bí omi bá gbé èèyàn lọ nílé náà, ẹ kò gbọdọ̀ sọ ọ́, ìkíni ọ̀fọ̀ ló kàn, “Ẹ kú aráfẹ́rakù.” Nítorí náà, kí ẹ tó wọlé lọ kí wọn, ẹ kọ́kọ́ bi aládùúgbò pé ṣé gbogbo wọn ló yè é.