Apá D nínú PID ń mú kí mọ́tò gbọ̀n

Ìbéèrè: Mo kọ PID sórí maikirokontírólà, àmọ́ apá D ń mú kí mọ́tò mi máa gbọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ariwo sẹ́ńsọ̀ ni D ń sọ di ńlá. Tí Ts, ìyẹn àkókò láàrin kíkà kan sí èkejì, bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.01, tí Kd, ìyẹn iye tí a fi ń sọ D di púpọ̀, sì jẹ́ 0.5, ariwo 0.1 péré á di 5. Fi asẹ́ sí i:

```
D = (Tf*D - Kd*(y - y0)) / (Tf + Ts);
y0 = y;
```

Tf ni àkókò asẹ́ náà; tí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.09, 5 yẹn á di 0.5. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ kà ni y, kíkà tó ṣáájú rẹ̀ sì ni y0. y ni mo lò dípò àṣìṣe, ìyẹn ìyàtọ̀ láàrin àfojúsùn àti y, kí D má baà fò nígbà tí o bá yí àfojúsùn padà. Kí PID tó bẹ̀rẹ̀, fi kíkà àkọ́kọ́ sínú y0. Tí Tf bá ti pọ̀ jù, D á máa pẹ́ dé, mọ́tò á sì máa lọ síwá-sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.